Gbólóhùn Tí Mo Fò

Ara ọkọ mi kò fi hàn án rí pé ó ń ṣàìsàn. Ibẹ̀ ni wàhálà wa ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni mo sì ti rí àyè ṣe ohun tí mo ṣe.

Onitsha ni a ń gbé nígbà náà. Òmìnira kò tíì ju ọdún mélòó kan lọ, ogun kò sì tíì dé. Ọkọ mi ń ta aṣọ ní ọjà Ochanja, èmi ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ìwé ìjọ kan tí kò jìnnà sí ilé wa. Mo ti gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ kí ó tó wá fẹ́ mi nílé. Nínú gbogbo obìnrin Yorùbá tí a jọ ń jọ́sìn níbẹ̀, àwa méjì péré la lè ka lẹ́tà òyìnbó láìbẹ ẹnikẹ́ni, èkejì mi kì í sì í pè é dáadáa. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tí mo jẹ́.

Àlùmọ́gàjí ló gé ọkọ mi ní àtàǹpàkò lọ́jọ́ kan, ẹ̀jẹ̀ kọ̀ kò dá. A gbé e lọ sí ọsibítù àwọn oníjọ. Nọ́ọ̀sì tó di ọwọ́ rẹ̀ tún fi aṣọ onífẹ́fẹ́ wé apá rẹ̀, ó fún un, ó wo ẹ̀rọ, ó tú u, ó tún un fún. Ìgbà kẹta ló tó dìde lọ pe dókítà. Dókítà ní kí a padà wá lọ́jọ́ kejì, kí a tún padà wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí a lọ lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní kí n jókòó.

Obìnrin òyìnbó ni dókítà náà, kò pẹ́ tó dé, kò sì gbọ́ Ìgbò. Nọ́ọ̀sì, ọmọ ibẹ̀, ní òun lè máa túmọ̀ fún ọkọ mi ní Ìgbò, nítorí ọkọ mi gbọ́ Ìgbò bí ẹni tí wọ́n bí sí etí odò Niger níbẹ̀. Mo ní rárá. Mo ní, "Èmi ni ìyàwó rẹ̀. Tíṣà ni mí." Ọkọ mi rẹ́rìn-ín músẹ́, ó na ìka sí mi kí dókítà lè rí i: bẹ́ẹ̀ ni, tíṣà ni.

Dókítà sọ̀rọ̀, mo ń túmọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Kì í fi ìrora kéde ara rẹ̀. Ènìyàn lè gbé e káàkiri ọdún púpọ̀ kí ó má mọ̀, títí ọjọ́ tí yóò fi ṣe é léṣe ní orí, ní ọkàn tàbí ní kíndìnrín. Oògùn oníhóró méjì ni yóò máa lò láràárọ̀. Ọ̀kan yóò máa mú un tọ̀. Ìkejì, funfun kékeré, lè dí i nímú díẹ̀, ó sì lè mú ara rẹ̀ wúwo; bí inú rẹ̀ bá ń bàjẹ́ láìnídìí, kí ó tètè wá sọ. Kí ó dín iyọ̀ kù. Kí ó máa wá lóṣooṣù kí wọ́n wọn apá rẹ̀.

Ọkọ mi bi í pé, "Títí di ìgbà wo?"

Mo bi dókítà. Ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ títí ayé rẹ̀.

Mo yíjú sí ọkọ mi, mo ní, "Ó ní ó máa pẹ́ díẹ̀."

Mo ti rò ó nígbà púpọ̀ ìdí tí mo fi fi "díẹ̀" yẹn sí i. Mo ń sọ fún ara mi pé àánú ni. Kì í ṣe àánú. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló wà lọ́kàn mi, tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, tó ń dúró láti gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀gbọ́n ọkọ mi yìí. Ó ti kú, kò lè dá mi lóhùn mọ́. Òun ló kọ́kọ́ dé Onitsha nínú wọn; "Ìyá ọkọ mi" ni mo máa ń pè é. Mílíìkì inú agolo, ṣúgà àti aṣáà ló ń tà ní ìsọ̀ kejì sí ti ọkọ mi, inú ọgbà kan náà la sì ń gbé. Kò fẹ́ kí àbúrò òun fẹ́ oníwèé. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ni ó ti ń pè mí ní "Ìyàwó onígègé," bí ẹni pé gègé ìkọ̀wé ni mo fi ń ro ọkà. Nígbà tó gbọ́ pé àbúrò òun yóò máa lo oògùn, ó ki ọwọ́ bọ ìkòkò ọbẹ̀ mi, ó tọ́ ọ wò, ó sì tutọ́ sílẹ̀.

"Iyọ̀ dà?"

"Dókítà ní kí a dín in kù, Ìyá ọkọ mi."

"Dókítà ló ń jẹ ẹ́ ni? Kí àbúrò mi tó fẹ́ gègé, ṣé ẹ rí i kó lo oògùn rí? Ewúrẹ́ gan-an á kọ ọbẹ̀ yìí."

Ó sọ ọ́ nínú ọgbà. Ó sọ ọ́ lọ́jà. Ó sọ ọ́ fún àwọn obìnrin ìjọ lẹ́yìn ìsìn, kò sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí ó ń sọ ni pé èmi ni àìsàn náà.

Oògùn ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó ń yọ ọkọ mi lẹ́nu. Tó bá lo ti ìtọ̀ láàárọ̀, títí di ọ̀sán ni yóò fi máa sáré láti ìsọ̀ lọ sí ẹ̀yìn ọjà, oníbàárà á máa dúró, aṣọ á wà ní títẹ́ sílẹ̀. Ọkùnrin Ìgbò kan ní ìsọ̀ tó dojú kọ tirẹ̀, tí wọ́n fún ní ìwé àṣẹ láti máa ta oògùn ibà àti àpòpọ̀ ikọ́, òun ni wọ́n ń pè ní Kẹ́míìsì. Bó bá ti rí i tó ń kọjá, á pariwo pè é ní bàbá wa ní èdè Ìgbò:

"Nna anyi! You wan full River Niger again?"

Ọkọ mi á pe òun náà ní ọmọ ìyá, á ní, "Nwanne, na me dey make am flow. Ask dem for waterside."

Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n tó bá délé, kì í rẹ́rìn-ín. Imú rẹ̀ dí. Ó ń jókòó bí àpò gaàrí. Àárín àwọn akọrin ìjọ ló máa ń wà, ohùn ìsàlẹ̀ ni tirẹ̀, ó wá di pé ó ń ya ẹnu lásán. "Tíṣà," ló wí fún mi lọ́jọ́ kan, "kí n tó lo oògùn yìí, ara mi le. Mo ń lò ó tán, mo di aláìsàn. Ṣé kò yí padà báyìí?" Ó yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀ fún dókítà, ó ti ní kí a sọ, ó sì ṣeé ṣe kó fún un ní òmíràn. N kò sọ. Ojú ń tì mí láti lọ ròyìn ìtọ̀ àti imú dídí fún òyìnbó.

Ní oṣù kẹta tí a lọ, nọ́ọ̀sì fún apá rẹ̀, ó wo ẹ̀rọ, ó rẹ́rìn-ín. Dókítà náà wò ó. Ó sọ gbólóhùn méjì, mo lè sọ wọ́n lónìí bí mo ṣe lè ka Àdúrà Olúwa. Ó ní, "Ó dára gan-an, ó ti wà ní ibi tó yẹ kó wà. Kó máa lò ó lọ bẹ́ẹ̀, kó má dá a dúró."

Ọkọ mi ń wò mí lẹ́nu.

Mo ní, "Ó ní ó dára gan-an. Ó ní ẹ̀jẹ̀ yín ti wà ní ibi tó yẹ kó wà."

Kó tó di pé mo fa èémí, ó ti dìde, ó ti pàtẹ́wọ́. "Ọpẹ́ ni! Ó ti parí! Tíṣà, ó ti parí!" Ó gbá dókítà lọ́wọ́ mú, ó ń mì í. Dókítà ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ ni. Nọ́ọ̀sì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ẹnu mi.

Àyè wà fún mi láti sọ gbólóhùn kejì. Mo mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe pé èdè náà kò yé mi. Kò sí ọ̀rọ̀ tó le níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti ń wo ojú bẹ́ǹṣì ìta láti ojú fèrèsé. Mo ti ń wo bí ojú ẹ̀gbọ́n ọkọ mi yóò ṣe rí. A jáde. Ọkọ mi ló kọ́kọ́ sọ fún un; ó ní ó ti parí, wọ́n ti wò ó tán. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wò mí.

"Ṣé lóòótọ́ ni, Ìyàwó?"

"Ẹ̀jẹ̀ wọn ti padà sípò, Ìyá ọkọ mi. Ọbẹ̀ aláìníyọ̀ mi náà ni."

Ó pa ẹnu mọ́. Ó dùn mọ́ mi débi pé nígbà tí a kọjá níwájú fèrèsé tí wọ́n ti ń gba oògùn, tí àwọn ènìyàn tò sí, mo di apá ọkọ mi mú, mo sì mú un kọjá.

Èmi náà ni mo ní kí a ṣe ìdúpẹ́. Kí n má purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni: ọkọ mi ì bá kàn fi nǹkan sínú àpò ọrẹ kó sì dákẹ́. Èmi ni mo ní kí a dúró níwájú ìjọ. Mo fẹ́ kí gbogbo àwọn tí wọ́n ti gbọ́ ọ̀rọ̀ iyọ̀ gbọ́ èyí náà. Ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ọkọ mi jáde síwájú, èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lẹ́yìn wa tó ń jó, nítorí kò lè ṣe kó má jó. Ọkọ mi ní òun ti ṣàìsàn tí òun kò mọ̀, Ọlọ́run fi àlùmọ́gàjí fi í han òun, òun ti lo oògùn, òun sì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìjọ hó yè.

Bàbá ìjọ wa, àgbà oníṣòwò aṣọ kan tó ń tọ́jú wa nígbà tí kò bá sí àlùfáà, gbàdúrà fún un. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀ tí gbogbo wa rò pé ó jinlẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó bá ti dúpẹ́ oore, kó má tún padà lọ tọrọ rẹ̀. Ẹni tó dúpẹ́ pé òun yó, tó tún ń lá àwo, olóore á ní ẹlẹ́yà ni." Ọkùnrin yẹn kò fi ọwọ́ kan ìwé ìṣègùn rí láyé. Gbogbo nǹkan tó mọ̀ nípa ara ènìyàn, bí a ṣe ń wọn aṣọ fún un ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ ọkọ mi lára ju ti dókítà lọ, nítorí pé tirẹ̀, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Hóró oògùn tó ṣẹ́kù nílé kò ju ti ọjọ́ mélòó kan lọ. Ọkọ mi ní kí n kó wọn dànù. Ó ní òun kò lè dúró níwájú Ọlọ́run lọ́jọ́ ìsinmi, kí òun wá máa gbé oògùn mì lọ́jọ́ ajé. Mo kó wọn sínú àpótí tí mo ń kó ṣọ́ọ̀kì sí. N kò dà wọ́n nù. Mo sì mọ ìdí tí n kò fi dà wọ́n nù.

Lẹ́yìn náà ni ara rẹ̀ wá dá ṣáṣá. Imú rẹ̀ là. Ohùn ìsàlẹ̀ padà dé, ó ń dún títí dé ẹnu ọ̀nà. Kì í sáré lọ ẹ̀yìn ọjà mọ́. Kẹ́míìsì bi í pé, "Nna anyi, you don lock tap?" ó ní, "Dem don repair me." Kẹ́míìsì ní, "Which kain repair? High blood no dey finish like that o. Dem tell you say make you stop?" Ọkọ mi ní, "My wife hear everything. Na teacher." Wọ́n sọ ọ́ fún mi bí àwàdà, ọkọ mi fi orúkọ mi yangàn. Mo fi ẹ̀rín dá wọn lóhùn.

Oúnjẹ padà dùn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ se ẹja pánla oníyọ̀ fún un, ó ń wò ó bó ṣe ń jẹ ẹ́.

Nígbà tó tó bí oṣù méjì ó lé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ di ìpàkọ́ mú tó bá jí. Ó ní orí ń fọ́ òun níbẹ̀. Ó jókòó sẹ́bàá ibùsùn láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní, "Tíṣà, ṣé dókítà yẹn kò sọ pé kí n padà wá?"

Ẹnu ọ̀nà ló ṣí sílẹ̀ fún mi yẹn, gbayawu. Mo ń kó ìwé iṣẹ́ àwọn ọmọ jọ. Mo ní, "Oòrùn ọjà ni. Ẹ máa dé fìlà."

Ìsinmi ilé ìwé ni nígbà tó ṣẹlẹ̀, mo wà ní ìsọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Oòrùn kò tíì mú. Obìnrin Ìgbò kan fẹ́ ra ọ̀pá mẹ́fà, ọkọ mi ń fi igi wọ̀n ọ́n, ó ń kà á sókè ní Ìgbò bó ti máa ń ṣe: otu, abụọ, atọ. Ó dé orí ẹ̀ta, ó tún ní atọ. Ó tún ní atọ. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé ọ̀fẹ́ ni àwọn ọ̀pá yòókù ni. Ọkọ mi wò ó. Ó fẹ́ dáhùn, ohun tó jáde kì í ṣe Ìgbò, kì í ṣe Yorùbá. Igi ìwọ̀n bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, kò sì mọ̀ pé ó bọ́. Ìka rẹ̀ ṣì ká bí ẹni tó di nǹkan mú. Mo rí i tí ẹnu rẹ̀ wọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó rọra jókòó lórí aṣọ, ó ń yọ̀ lọ sí apá ọ̀tún bí odi ẹrẹ̀ tí òjò pa.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fo agolo mílíìkì kọjá. "Yé! Àbúrò mi! Ẹ bu omi wá! Ẹ bu omi sí i lẹ́nu!"

Ẹnìkan ti gbé ife dé. Kẹ́míìsì ló fo gọ́tà wá, ó gbá ife náà dànù.

"Biko! Nobody put anything for im mouth! E no fit swallow, e go enter im chest!" Ó fi ọkọ mi dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, ó tú ọrùn aṣọ rẹ̀. Ó wò mí lójú. "Madam, the high blood medicine. E dey take am?"

Mo gbójú kúrò. Ó ti rí èsì náà.

Ọmọlanke la rí. Àgbà ọkùnrin kan tó ń fi í kó àpò ìrẹsì da ẹrù oníbàárà sílẹ̀ láìbi wá léèrè, a tẹ́ aṣọ tó ń wọ̀n lọ́wọ́ yẹn sínú rẹ̀, a gbé ọkọ mi lé e. Mo jókòó sí ibi orí rẹ̀, orí náà wà lórí itan mi. Kẹ́míìsì ń sáré níwájú, ó ń pariwo kí wọ́n yàgò. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọlanke náà láìwọ bàtà, ó ń pe oríkì àbúrò rẹ̀, èémí ń gé e.

Ọkọ mi ń wò mí. Ojú kan ṣí ju èkejì lọ. Mo mọ̀ pé yóò gbọ́ mi bí mo bá sọ̀rọ̀. Àwọn tó kàwé, ẹ̀sìn wọn ni ọ̀rọ̀. Ìgbà tí mo ń kọjá lọ́nà yẹn, gbólóhùn tí mo fò nìkan ló wà lẹ́nu mi, kò sì wúlò mọ́.

A fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọsibítù nígbà tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mì. Ó wá aṣọ ìró mi, ó dì í mú, kò le, ṣùgbọ́n ó dì í mú. Ó ní, "Ọ... ọ̀pá." Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọ̀pá mélòó?" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bú sẹ́kún ní àárín títì.

Dókítà òyìnbó yẹn náà ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní kó na apá méjèèjì síwájú, kó di ojú. Apá ọ̀tún ń rọra wálẹ̀. Ó ní kó fún ìka òun. Ó ní kó rẹ́rìn-ín. Ó fi aṣọ wé apá rẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó ní ẹ̀jẹ̀ náà ti ru ju ti ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ, àti pé ìkìlọ̀ ni èyí: ẹ̀jẹ̀ kọ̀ láti dé ibì kan nínú ọpọlọ fún ìgbà díẹ̀, ó sì tún dé e. Ó ní ìgbà mìíràn kì í padà. Wọ́n yóò dá a dúró sí ọsibítù, wọ́n yóò mú un wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe lójijì. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi, ó ní, "Ṣé ó dá oògùn náà dúró ni?"

Mo ya ẹnu. Nọ́ọ̀sì kò dúró dè mí. Ó tẹ̀ síwájú, ó bi ọkọ mi léèrè ní Ìgbò: ṣé ẹ ti ń lo oògùn yín?

Ọkọ mi fi ẹnu wíwọ́ dáhùn ní Ìgbò, ó ń wá ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà. Ó ní rárá. Ó ní ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ní ó ti parí.

Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹnikẹ́ni kò sọ bẹ́ẹ̀, Papa. Ó ní kí ẹ máa lò ó lọ, kí ẹ má dá a dúró. Mo wà níbẹ̀." Ó sọ fún un pé oògùn náà kì í wo ẹ̀jẹ̀ ríru sàn, ó kàn ń dì í mú sílẹ̀ ni, ọjọ́ tó bá fi í sílẹ̀ ni yóò tún máa dìde, àní bí ara rẹ̀ bá dá ṣáṣá.

Gbogbo rẹ̀ ní Ìgbò. Àfi dókítà, kò sí ẹni tí kò gbọ́ nínú yàrá yẹn. Kẹ́míìsì gbọ́, ó wo ilẹ̀. Ọkọ mi yí orí lórí ìrọ̀rí, ó wá mi. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tó ti gbé Onitsha kí wọ́n tó bí mi, gbọ́ ju gbogbo wa lọ.

Mo dúró de ariwo. Mo ti ń gbọ́ ọ nínú orí mi, bó ṣe máa ṣí gèlè, bó ṣe máa ké pé gègé ti pa àbúrò òun. Ǹ bá gbà á. Mo tilẹ̀ fẹ́ ẹ, torí ẹni tí wọ́n bú, ó lè bínú, ìbínú sì dára ju ohun tó wà lára mi lọ.

Ó wò mí títí. Ó tún aṣọ fà bo ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó, wá jókòó síbí, kó lè máa rí ọ. Jẹ́ kí n padà lọ bo ìsọ̀ rẹ̀."

Kò pè mí ní onígègé mọ́ láti ọjọ́ náà. Kò sọ ọ́ nínú ọgbà, kò sọ ọ́ lọ́jà, kò sọ ọ́ fún àwọn obìnrin ìjọ. Títí ó fi kú, nígbà tí gbogbo wa ti sá padà sí ìwọ̀-oòrùn, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. N kò tíì dárí èyí jì í. Ìwà búburú rẹ̀ ni mo mọ̀ bí mo ṣe lè gbé. Inú rere yẹn, n kò mọ ibi tí mo lè gbé e sí.

Ní ọjọ́ kẹrin, ẹnu ọkọ mi ti tọ́, ó ń jẹun fúnra rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ṣì ń gbọ̀n díẹ̀ lórí ṣíbí. Nọ́ọ̀sì mú hóró oògùn wá pẹ̀lú omi. Ó gbé wọn mì lójú mi. Lẹ́yìn náà ó ní, "Tíṣà, túmọ̀ ọ̀rọ̀ dókítà ọjọ́ yẹn fún mi. Gbogbo rẹ̀. Má dín in kù."

Mo ní, "Ó ní ó dára gan-an, ẹ̀jẹ̀ yín ti wà ní ibi tó yẹ. Ó ní kí ẹ máa lò ó lọ bẹ́ẹ̀, kí ẹ má dá a dúró."

Ó ronú sí i. Ó ní, "Kò mà gùn."

Mo kúnlẹ̀ ti ibùsùn. Mo sọ ti bẹ́ǹṣì ìta, mo sọ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mo sọ ti orí fífọ́ tí mo pè ní oòrùn. Ó gbọ́ mi tán. Kò bú mi, kò sì ní kí n dìde.

Wọ́n dá a sílẹ̀ nígbà tó yá. Ó sọ ti imú dídí àti ara wíwúwo fúnra rẹ̀ fún dókítà, nípasẹ̀ nọ́ọ̀sì, dókítà sì dín èyí funfun kù fún un, ó ní kí ó wá kí òun wò ó. Ì bá ti rọrùn bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bàbá ìjọ wa wá kí i nílé. Ó ní ìdánwò ni, pé ìgbàgbọ́ ló dín kù lẹ́yìn ìdúpẹ́. Ó ń wo ìgò oògùn tó wà lórí tábìlì, nítorí ọkọ mi kò fi í pamọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́.

"Ṣé ẹ ti tún padà sórí rẹ̀? Lẹ́yìn tí ẹ ti dúpẹ́?"

Ọkọ mi ní, "Bàbá, ojoojúmọ́ la ń dúpẹ́ oúnjẹ, ojoojúmọ́ náà la sì ń jẹ ẹ́."

Bàbá ìjọ wúkọ́, ó béèrè omi. Inú mi dùn sí ìyẹn, kí n sòótọ́; ó dùn mọ́ mi púpọ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo wo ọkọ mi kí a lè jọ rẹ́rìn-ín. Kò wò mí.

Lóṣooṣù ni ó ń padà lọ wọn apá, kò fo oṣù kan títí a fi kúrò ní Onitsha. Èmi ni mo ń bá a lọ, nítorí ọwọ́ rẹ̀, nítorí ojú ayé pẹ̀lú. A ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta pẹ̀lú àwọn yòókù. Bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀, á dìde, èmi náà á gbéra.

"Jókòó, Tíṣà," ni yóò wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń bá ọmọ ilé ìwé sọ̀rọ̀. "Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀."

Èmi á sì jókòó.